Fólítì bátìrì sólà lójú Arduino Nano: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí apínfólítì

Gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lórí ètò kan ṣoṣo, kí ìṣirò má baà dàrú mọ́ wa lójú. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Bátìrì olómi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 12, wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn di fólítì 24. Páńẹ́ẹ̀lì wà lórí páànù, ínfátà wà nínú ilé, fíríìjì kan, fáànù àti gílóòbù ló ń jẹ iná. Iná ewé àti iná pupa tó wà lójú ínfátà kì í sọ ju pé ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó fẹ́ kú. Nọ́ńbà gidi la fẹ́. Arduino Nano, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń rán kóòdù sínú rẹ̀, ló máa kà á fún wa láti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ A0 sí.

Ṣé a lè fi wáyà bátìrì kan ẹsẹ̀ A0 tààrà?

Rárá o. Ẹsẹ̀ A0 lára Nano kò gbọdọ̀ rí ju fólítì 5 tó ń gbé Nano fúnra rẹ̀ lọ. Bátìrì wa máa ń dé fólítì 28.8 nígbà tí oòrùn bá mú un gidi. Bí ẹ bá fi kàn án tààrà, ṣíìpù náà á jóná lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó to rẹsísítọ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn láti pósítíìfù bátìrì dé nẹ́gétíìfù, a ó sì fa wáyà láti àárín wọn lọ sí A0. Ohun tó bá dé àárín yẹn jẹ́ ìpín kékeré nínú fólítì bátìrì, ìpín náà kì í sì í yí padà. Ohun tí a ń pè ní apínfólítì nìyẹn.

Rẹsísítọ̀ wo ni kí a lò, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Kílóọ̀mù 100 ni ti òkè, ìyẹn èyí tó kọjú sí pósítíìfù. Kílóọ̀mù 3.3 ni ti ìsàlẹ̀, èyí tó kọjú sí GND, ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù Nano. Ìṣirò rẹ̀ kò le:

```
(100 + 3.3) / 3.3 = 31.3
28.8 / 31.3 = 0.92
```

Ìyẹn ni pé bí bátìrì bá wà ní 28.8, fólítì 0.92 péré ló máa dé A0. A ó ṣàlàyé láìpẹ́ ìdí tí a kò fi fẹ́ kí ó kọjá 1.1.

Ohun mẹ́ta ló jẹ́ ká mú iye méjèèjì yìí. Èkíní, àwọn tó ṣe ATmega328P, ṣíìpù tó wà lára Nano, sọ pé kí agbára ìdíwọ́ ohun tí a bá so mọ́ ẹsẹ̀ tó ń ka fólítì má ju kílóọ̀mù 10 lọ, nítorí kapásítọ̀ kékeré kan wà nínú ṣíìpù tó gbọ́dọ̀ kún kíákíá kí ó tó kà. Tiwa jẹ́ nǹkan bíi kílóọ̀mù 3.2. Ẹni tó bá lo mẹ́gáọ̀mù 1 sókè, kílóọ̀mù 100 sísàlẹ̀ torí pé kò fẹ́ kí iná ṣòfò, kíkà rẹ̀ á máa ṣe ségesège. Èkejì, iná tí tiwa ń jẹ kò tó nǹkan: mílíáńpíà 0.23, bíi mílíáńpíà-wákàtí 5.6 lóòjọ́. Bátìrì ńlá kò ní mọ̀ pé ohun kankan wà lára òun. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Bí rẹsísítọ̀ ìsàlẹ̀ bá já lọ́jọ́ kan, fólítì bátìrì á fẹ́ rọ́ wọ A0 látòkè, ṣùgbọ́n kílóọ̀mù 100 kò ní jẹ́ kí iná tó wọlé tó mílíáńpíà 0.25. Ṣíìpù náà lè fara da ìyẹn títí ẹ ó fi rí àṣìṣe náà tún ṣe.

Ẹ ra rẹsísítọ̀ oníìlà márùn-ún, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òótọ́ ni pé a ó fi mítà tọ́ gbogbo rẹ̀ sọ́nà níkẹyìn, torí náà kò di dandan kí iye rẹ̀ pé géérégé. Ṣùgbọ́n àwọn olóìlà mẹ́rin tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà máa ń yí padà bí ooru bá mú, lábẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kí ló dé tí ẹ fi ń lo fólítì 1.1, nígbà tí Nano lè ka dé 5?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá, òun gan-an ló sì ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Nano kì í ka fólítì bí a ṣe ń ronú rẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n kan lọ́wọ́, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ìdá mélòó nínú 1024 òṣùwọ̀n yìí ni ohun tó wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo ìyá tó ń ta gàrí. Bí kóńgò bá kéré sí bó ṣe yẹ, gàrí inú àpò kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye kóńgò tí a ó kà nínú rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹni tó ń kà kò ní mọ̀, nítorí kóńgò náà ló fi ń mọ ohun gbogbo.

Bí ẹ kò bá sọ ohunkóhun fún Nano, fólítì 5 tó ń gbé e ló máa mú ṣe kóńgò. Fólítì 5 yìí kì í sì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá gbé e láti ara USB láàpútọ́ọ̀pù pẹ̀lú okùn tín-ín-rín, ó lè jẹ́ 4.7. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: bátìrì tó wà ní fólítì 24.0, tó ti lọ sílẹ̀ gan-an, á hàn bíi 25.5, tí í ṣe ti bátìrì tó kún. Ènìyàn á máa lò ó lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí ẹ bá tún gbé Nano kúrò lára láàpútọ́ọ̀pù lọ sí ṣájà, nọ́ńbà á yí padà, ẹ ó sì rò pé bátìrì ló ṣe é.

Kóńgò mìíràn wà nínú ṣíìpù náà fúnra rẹ̀, fólítì 1.1, tí kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá iná tó ń gbé Nano jẹ́ 4.7 tàbí 5.1. Orúkọ rẹ̀ nínú kóòdù ni `INTERNAL`. Iye rẹ̀ lè wà láàárín 1.0 sí 1.2 láti ṣíìpù kan sí èkejì, ṣùgbọ́n nínú ṣíìpù kan náà, ibi tó bá wà ni yóò dúró sí. Ìdúró yẹn la fẹ́. Èyí tó kù, mítà á tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ fojú sí ohun kan nígbà tí ẹ bá ń ra Nano. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sójú ṣíìpù dúdú tó wà láàárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ `ATmega328P`, ó dáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ `LGT8F328P`. Wọ́n jọra lójú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kóńgò inú tiwọn kì í ṣe 1.1, ìṣirò tó wà níbí kò sì bá a mu. Ẹ má sì so ohunkóhun mọ́ ẹsẹ̀ AREF.

Kí ni a ó rà?

Arduino Nano kan. Rẹsísítọ̀ méjèèjì tí a ti sọ. Kapásítọ̀ kan tí wọ́n kọ 104 sí lára. Mọ́dù LM2596 kan tí yóò sọ fólítì bátìrì di 5 fún Nano. Fíúsì áńpíà 1 kan pẹ̀lú ilé rẹ̀. Wáyà pupa àti dúdú. Bọ́ọ̀dù oníhò kékeré kan láti jó wọn mọ́. Ẹ ní mítà tó ń kọ nọ́ńbà lọ́wọ́. Láìsí mítà, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Nano ní ẹsẹ̀ kan tí wọ́n kọ VIN sí, tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé àwọn lè fi bátìrì sí. Fólítì 28 ti pọ̀ jù fún un. LM2596 ni kí ẹ lò, ó lè gba dé fólítì 40. Ẹ fi mítà yí skúrùù rẹ̀ títí yóò fi jẹ́ 5.0 kí Nano tó kàn án rárá, torí pé bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ gbé e dé, ó lè wà ní iyekíye.

Báwo la ṣe máa so ó, láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ jó rẹsísítọ̀ méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jó kapásítọ̀ mọ́ orí àti ìdí rẹsísítọ̀ kílóọ̀mù 3.3. Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù dáadáa nínú iná tó mọ́lẹ̀ bóyá lẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi jó wọn ti ṣàn so orí méjèèjì kílóọ̀mù 100 pọ̀, nítorí àṣìṣe yẹn yóò gbé odindi fólítì bátìrì wọ Nano.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa wáyà dúdú láti nẹ́gétíìfù bátìrì wá sí ẹnu LM2596. Ẹ fa wáyà pupa láti pósítíìfù wá sí ẹnu LM2596 àti orí kílóọ̀mù 100, kí fíúsì wà ní ẹ̀bá bátìrì gan-an, kí ó má ju bíi àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orí bátìrì. Fíúsì tó bá wà ní ìdí Nano kò dáàbò bo ohunkóhun: bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà tó sì kan irin, bátìrì á rọ iná sínú wáyà tín-ín-rín yẹn títí yóò fi gbiná. Ẹ jẹ́ kí fíúsì jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ máa fi sí i.

Nígbà tí fíúsì bá ti wọlé, ẹ MÁ tíì so àárín apínfólítì mọ́ A0. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo ó. Bí bátìrì bá wà ní 25.4, ẹ gbọ́dọ̀ rí nǹkan bíi 0.81. Bí ẹ bá rí 24 lé díẹ̀, ẹ ti gbé rẹsísítọ̀ sódì, kílóọ̀mù 3.3 ló wà lókè. Ẹ yọ fíúsì, ẹ tún un ṣe. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi wo èyí ló máa gbà yín lọ́wọ́ ríra Nano mìíràn. Bí nọ́ńbà bá wá tọ̀nà, ẹ yọ fíúsì, ẹ so ó mọ́ A0, kí ẹ tó dá fíúsì padà.

Ibo gan-an ni kí wáyà ti wá, ibo sì ni ìdí rẹsísítọ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn?

Orí bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí wáyà ti wá, kì í ṣe ẹnu ínfátà. Láàárín bátìrì àti ínfátà, wáyà ńlá àti gbogbo ojú ìdè bóótì ní ìdíwọ́ tiwọn. Bí ẹrù wáàtì 500 bá wà lórí ínfátà, nǹkan bíi áńpíà 23 ló ń kọjá. Ká ní ìdíwọ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀mù 10 péré, fólítì 0.23 ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ ó máa rò pé bátìrì ti rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bóótì kan ló dẹ̀.

Ti ìdí rẹsísítọ̀ ìsàlẹ̀ ló ṣòroó rí. Ara GND Nano ni kí ẹ jó o mọ́, kí ó kúrú bí ó bá ti lè kúrú tó. Ẹ má fa wáyà tirẹ̀ lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì lọ́tọ̀. Ìdí rẹ̀ rèé: wáyà dúdú tó ń gbé iná Nano padà sí bátìrì ní ìdíwọ́ díẹ̀, torí náà GND Nano lè ga ju nẹ́gétíìfù bátìrì lọ pẹ̀lú mílífólítì 3. Bí ìdí rẹsísítọ̀ bá wà lára GND Nano, mílífólítì 3 náà ni gbogbo àṣìṣe tí ẹ ó rí, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lára bátìrì, mílífólítì 3 yẹn bọ́ sí ẹ̀yìn apínfólítì. Nano á wá sọ ọ́ di ìlọ́po 31, ó sì di bíi fólítì 0.09 tó sọnù nínú kíkà yín. Wáyà kan náà, bátìrì kan náà, ibi tí ìdí kan kàn nìkan ló yàtọ̀.

Nọ́ńbà ń jó sókè sódò nígbà tí ínfátà bá ń ṣiṣẹ́. Ṣé bátìrì ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Iná tí ínfátà ń ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń fa bátìrì ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìlọ-síwá-sẹ́yìn kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, fólítì bátìrì ń mì ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo mílísẹ́kọ́ńdì 10. Bí ẹ bá kà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lè ṣe kòńgẹ́ orí ìgbì tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kapásítọ̀ 104 tí a fi sí i kéré jù láti pa ìmì yìí. Ariwo kéékèèké tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà fún.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ máa kà léraléra fún mílísẹ́kọ́ńdì 200 gbáko, kí ẹ wá ṣe ìpíndọ́gba. Inú 200 ni ogún ìgbì pé sí láìṣẹ́kù, orí àti ìsàlẹ̀ wọn á sì pa ara wọn rẹ́. Bí ẹ bá kàn ka ìgbà mẹ́wàá ní wàràwàrà, gbogbo rẹ̀ parí láàárín mílísẹ́kọ́ńdì kan lé díẹ̀, ẹ kò tíì rí ju ẹ̀gbẹ́ ìgbì kan ṣoṣo lọ. Kóòdù rẹ̀ rèé:

```
const float K0 = 0.03363;

float kaApapo(byte ese) {
  unsigned long apapo = 0;
  unsigned int iye = 0;
  unsigned long ibere = millis();
  while (millis() - ibere < 200) {
    apapo += analogRead(ese);
    iye++;
  }
  return (float)apapo / iye;
}

void setup() {
  Serial.begin(9600);
  analogReference(INTERNAL);
  for (byte i = 0; i < 20; i++) {
    analogRead(A0);
    delay(10);
  }
}

void loop() {
  float kika = kaApapo(A0);
  Serial.print(kika, 1);
  Serial.print("  ");
  Serial.println(kika * K0, 2);
  delay(1000);
}
```

Ogún kíkà tó wà nínú `setup` ni a ń dà nù, nítorí kóńgò 1.1 nílò àkókò díẹ̀ kí ó tó fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pè é. `K0` ni iye fólítì bátìrì tó wà nínú ìdá kan. Èyí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti orí ìwé, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀.

Báwo la ṣe ń fi mítà tọ́ ọ sọ́nà?

Ẹ ṣe é nígbà tí fólítì kò lọ tí kò bọ̀: ẹ pa ínfátà, ẹ yọ páńẹ́ẹ̀lì, ẹ dúró díẹ̀. Mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ríwáyà ní ojú 20 àti ojú 200. Fólítì 25 kọjá ojú 20, bí ẹ bá sì lọ sí ojú 200, ìdá mẹ́wàá fólítì nìkan ló máa fi hàn yín. Nítorí náà, ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lójú 20, kí ẹ rò wọ́n pọ̀.

Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 12.71, èkejì 12.75, àpapọ̀ wọn 25.46. Lójú `Serial Monitor` lórí láàpútọ́ọ̀pù, níbi tí ohun tí Nano ń kọ ti ń hàn, kíkà tó wà lápá òsì jẹ́ 748.2. Ẹ pín in:

```
25.46 / 748.2 = 0.034028
```

Ẹ fi èyí rọ́pò 0.03363 nínú kóòdù, ẹ tún un rán sínú Nano. Láti ìgbà náà, kíkà 712 ní ìdájí túmọ̀ sí fólítì 24.23. Ẹ tún un wò ní ọ̀sán nígbà tí bátìrì bá wà lókè 28. Bí mítà àti Nano bá bára mu ní ìsàlẹ̀ àti lókè, ẹ ti ṣe é dáadáa. Bí wọ́n bá bára mu nísàlẹ̀ tí wọn kò sì bára mu lókè, ẹ lọ wo GND.

Ẹ pààrọ̀ bátìrì fólítì 9 inú mítà kí ẹ tó ṣe èyí. Mítà tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú máa ń pe fólítì ju bó ṣe wà lọ, nítorí kóńgò tirẹ̀ náà ti ń kéré. Ẹ ó wá fi àṣìṣe yẹn kọ́ Nano, yóò sì máa sọ ọ́ títí láé.

Nọ́ńbà ti tọ̀nà. Kí ló wá túmọ̀ sí?

Fún bátìrì olómi fólítì 24 tó ti sinmi, 25.4 túmọ̀ sí pé ó kún. Ní 24.8, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù. Ní 24.4, ó ku ìdajì. Ní 24.0, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ rí i pé láti kíkún dé ìdajì, gbogbo ìyàtọ̀ kò ju fólítì kan lọ. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe ìdajì fólítì kò fi ṣeé fojú fò.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó níbẹ̀ ni "sinmi". Lọ́sàn-án, páńẹ́ẹ̀lì ń ti fólítì sókè, ẹ ó sì rí 27 tàbí 28 lára bátìrì tí kò tíì kún. Bí oòrùn bá wọ̀, nọ́ńbà á rọra sọ̀kalẹ̀ láti 26 láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, ó tún lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdájí, kí oòrùn tó bọ́ sórí páànù, ni àkókò tó dáa jù. Ẹ pa ẹrù fún ìdajì wákàtí ó kéré tán kí ẹ tó kà. Bí ó bá lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òun ló dára jù.

Fólítì mélòó ni kí a gbé búsà ìkìlọ̀ sí?

Ọ̀pọ̀ ínfátà kì í pa ara rẹ̀ àfi bí fólítì bá sún mọ́ 21, bátìrì sì ti jìyà púpọ̀ kó tó débẹ̀. Fún ẹrù alẹ́ tó mọ níwọ̀n bíi ti ṣọ́ọ̀bù wa, 23.8 dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí búsà dún àfi bí ó bá wà lábẹ́ 23.8 fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Fíríìjì máa ń fa iná ńlá bí ó bá fẹ́ dìde, fólítì á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì padà. Ẹ má sì pa búsà títí yóò fi kọjá 24.8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa dún, á máa dákẹ́, títí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á fi já wáyà rẹ̀.

Nọ́ńbà dúró sí 0, tàbí ó dúró sí 1023. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ 0 tàbí tó sún mọ́ ọn, ẹ wo fíúsì, lẹ́yìn náà ẹ wo kílóọ̀mù 100 bóyá ó ti já. Bí ó bá jẹ́ 1023 tí kò kúrò níbẹ̀, kílóọ̀mù 3.3 ló ti já, tàbí ìdí rẹ̀ ti ṣí kúrò lára GND. Bí ó bá ń rìn káàkiri, tó sì ń yí padà bí ọwọ́ yín bá sún mọ́ ọn, wáyà tó lọ sí A0 ló ti bọ́.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà Nano ga ju ti mítà lọ díẹ̀. Kí ló fà á?

Eruku ọyẹ́ ló ti kó sórí bọ́ọ̀dù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú afẹ́fẹ́ sì ti wá rin ín. Ìdọ̀tí tútù yìí di ọ̀nà kékeré tí iná ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹsísítọ̀ òkè. Bí ìdíwọ́ ọ̀nà náà bá jẹ́ mẹ́gáọ̀mù 10, kílóọ̀mù 100 ti di 99 nìyẹn, bátìrì 24.2 á sì hàn bíi 24.43. Èyí tí kò tó ìdajì di ìdajì lé díẹ̀ lójú yín. Ẹ yọ fíúsì, ẹ fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ kun ojú rẹsísítọ̀ àti ibi tí a jó. Ẹ má sì gbé bọ́ọ̀dù sórí bátìrì olómi rárá. Èéfín ásíìdì tó ń jáde nígbà tí bátìrì bá ń gba iná á jẹ ojú lẹ́ẹ̀dì, gáàsì tó sì ń bá a jáde lè gbiná.

Bí bátìrì mi bá jẹ́ fólítì 12 tàbí 48, tàbí tó jẹ́ lítíọ́ọ̀mù ńkọ́?

Fún 12, ẹ fi kílóọ̀mù 6.8 rọ́pò 3.3. Fún 48, ẹ fi kílóọ̀mù 1.5 sí i, ṣùgbọ́n ẹ má so LM2596 mọ́ bátìrì náà, torí pé 48 ti kọjá fólítì 40 tó lè gbà. Ti òkè kò yí padà. Ní ti lítíọ́ọ̀mù, apínfólítì náà á ka fólítì rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n fólítì bátìrì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tó bá kún títí yóò fi fẹ́ tán, torí náà ẹ má fi fólítì nìkan mọ iye tó kù nínú rẹ̀. Ohun tó ń ka áńpíà tó wọlé àti èyí tó jáde ni ẹ nílò.

Ṣé a lè mọ èyí tó ń bàjẹ́ nínú bátìrì méjèèjì?

A lè mọ̀ ọ́n, owó rẹsísítọ̀ méjì sí i ni ó máa gbà. Ẹ fa wáyà kẹta láti ibi tí bátìrì méjèèjì ti so pọ̀, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, lọ sí apínfólítì kejì tó jẹ́ kílóọ̀mù 100 àti 6.8, kí àárín rẹ̀ wọ A1. Ẹ fi mítà wá `K1` tirẹ̀ bí ẹ ṣe wá `K0`, ẹ wọn bátìrì ìsàlẹ̀ nìkan fún èyí. A0 ń sọ àpapọ̀, A1 ń sọ ti bátìrì ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní, ti òkè ló kù.

Ẹ wo ọ̀sán kan tí àpapọ̀ jẹ́ 28.0. Lójú ẹni tó ń wo àpapọ̀ nìkan, ohun gbogbo dáa. Ṣùgbọ́n A1 sọ 13.2, èyí tó túmọ̀ sí pé ti òkè wà ní 14.8. Ẹ̀rọ tó ń gba iná páńẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì kò mọ èyí, àpapọ̀ nìkan ni òun náà ń rí. Bátìrì òkè ń hó, omi rẹ̀ sì ń gbẹ, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ kò yó. Bí ìyàtọ̀ láàárín wọn bá kọjá ìdajì fólítì tó sì ń padà wá lójoojúmọ́, ẹ kọ́kọ́ di bóótì ojú ìsopọ̀ wọn le, kí ẹ wo omi inú bátìrì méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá lọ, ẹ gba agbára sínú èyí tó kéré lọ́tọ̀ pẹ̀lú ṣájà fólítì 12 títí yóò fi kún, kí ẹ dá a padà, kí ẹ máa wo A1 fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá tún rẹ̀yìn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, bátìrì yẹn ti ń lọ. Ẹ má fi tuntun kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó tó kù, torí pé wọn kò ní lè rìn pọ̀, A1 á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìyàtọ̀ kan náà hàn yín láàárín oṣù díẹ̀.